Iṣẹ́ wo ni kí Ìyá Ìbejì padà sí?

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ni à ń gbé. Mo kàwé ìṣirò owó, mo gba HND, mo sì ṣiṣẹ́ báńkì láti 2010 títí di 2017 tí mo bí ìbejì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti wà nílé. Ìbejì ti pé ọdún mẹ́sàn-án, Ìdòwú ti pé márùn-ún, ó ti ń wọ pírámárì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ríìn Róòdù fẹ́ gbà mí sí ọ́fíìsì owó wọn, 150,000 náírà lóṣù. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ, tí kò jìnnà sílé, náà ń wá bọ́sà, 90,000. Àwọn aládùúgbò ní kí n máa ṣe kéèkì tà nítorí ọwọ́ mi dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Mánṣẹ́sítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ọkọ mi ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe. Mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ owó kankan láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, àfi àjọ àwọn ìyá ìjọ wa tí mo ń kó. Ọ̀nà wo ni kí n tọ̀, mà? Ìyá Ìbejì.*

Ìyá Ìbejì, ibi tí ẹ ti ní “àfi àjọ” ni mo dúró sí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Àwọn ìyá náà pé mélòó? Ọdún mélòó lẹ ti ń kó o? Ó ha ti ṣẹlẹ̀ rí pé ọjọ́ ìkówó pé tí owó kò pé? Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń gba ènìyàn sí iṣẹ́, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì owó. Mo ti rí àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí rẹpẹtẹ tí wọn kò lè sọ iye tó yẹ kó wà nínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Obìnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ ogún ènìyàn, tó ń kọ orúkọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ, tó sì ń gbé owó pípé lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, kò kúrò nídìí iṣẹ́ owó rárá. Ohun tí báńkì ń san owó fún yín láti ṣe nígbà kan lẹ ń ṣe lófẹ̀ẹ́ nínú ìjọ. Nítorí náà ìbéèrè tó wà níwájú yín kò tóbi tó bó ṣe rí lójú yín. Iṣẹ́ owó ni iṣẹ́ yín. Ìdí iṣẹ́ owó wo, àti ní iye wákàtí mélòó lójúmọ́, ló kù tí a máa yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Mánṣẹ́sítà, torí kò ní pẹ́. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ kọ́ ló wà nílẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kò gbọdọ̀ kó ọkọ tàbí ọmọ dání. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá fún gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín lónìí pé òun máa bá yín rí ìwé iṣẹ́ náà, ẹ sá fún un.

Ti kéèkì, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ kéèkì: Sátidé ni, àti Sọ́ńdè, ọjọ́ méjèèjì tí àwọn ọmọ wà nílé tí ẹ sì fẹ́ ráyè fún wọn. Ẹ ó máa po ìyẹ̀fun ní òru Jímọ̀, ẹ ó máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ torí iná lè lọ nígbà tí kéèkì wà nínú ààrò, oníbàárà yóò sì ní “ẹ fọwọ́ sí i fún mi, aládùúgbò ni wá.” Aládùúgbò ló fún yín nímọ̀ràn yìí, aládùúgbò náà ló sì máa ń jẹ gbèsè jù. Ẹ máa ṣe é fún ọjọ́ ìbí, kó jẹ́ owó ọbẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìdí tí ẹ ó jókòó tì.

Ó wá ku Ríìn Róòdù àti ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ọ̀rọ̀ ti parí: 150,000 pọ̀ ju 90,000 lọ, ọ́fíìsì ní Ríìn Róòdù sì dùn ún gbọ́ létí ju ọ́fíìsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá oúnjẹ ilé-ìwé. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tèmi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Nígbà tí mo jáde, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yọjú ni mo gbà. Agége ni mo ń gbé, Àpápá ni iṣẹ́ wà. Àbígbẹ̀yìn mi ń dé láti ilé-ìwé ní aago méjì, èmi ń dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo gba obìnrin kan tó ń bá mi mú un láti ilé-ìwé, mo san owó lẹ́sìn, mo ń ra oúnjẹ lójú ọ̀nà torí kò sí agbára láti dáná. Nínú oṣù kẹrin, mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé, mo ṣe ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yá owó nínú kóópù kí n lè rí owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi tó ń gba àwọn ènìyàn sí iṣẹ́, mi ò ka owó tèmi kí n tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ka tiyín, ká fi iye tó súnmọ́ òótọ́ sí i. Tí iye kan bá yàtọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ pàrọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú.

Nínú 150,000, òfin owó ìfẹ̀yìntì ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára òṣìṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ sì fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Ká ní gbogbo owó oṣù ni wọ́n kà, 12,000 lọ síbẹ̀. Ẹ má bínú sí èyí, owó yín ni, kàn máa dúró de ọjọ́ ogbó ni. Owó-orí ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, 800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé fún yín lọ́dún kò ní owó-orí kankan, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù yín lọ́dún jẹ́ 1,800,000. Yọ 144,000 ti ìfẹ̀yìntì kúrò, ó ku 1,656,000. Yọ 800,000, ó ku 856,000. Ìdá 15 nínú rẹ̀ jẹ́ 128,400 lọ́dún, ìyẹn 10,700 lóṣù. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá ń san owó ilé, òfin náà gbà kí wọ́n dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tí yóò wọ àpò yín jẹ́ 127,300.

Ká ní owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Ríìn Róòdù, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ 1,600, ọjọ́ 22 lóṣù: 35,200. Lẹ́sìn fún ọmọ mẹ́ta kí wọ́n lè wà lábẹ́ ojú ẹnìkan títí ẹ ó fi dé, 10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 30,000. Oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, 1,000 lójúmọ́: 22,000. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lára 127,300, ó ku 40,100 náírà. Mi ò tíì ka aṣọ, mi ò ka irun, mi ò ka ọjọ́ tí ọmọ kan bá ní ibà tí ẹ ní láti gbé ọkọ̀ kíákíá wálé.

Ẹ wá wo ilé-ìwé. Tí wọ́n bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ìfẹ̀yìntì mú àwọn náà. Nínú 90,000, 7,200 lọ síbẹ̀. Ní ọ̀nà ìṣirò kan náà, owó-orí yín jẹ́ 2,420 lóṣù. Ó ku 80,380. Ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi rìn lọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá jáde lẹ̀yin náà ń palẹ̀mọ́, oúnjẹ ilé lẹ sì gbé dání. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní 90,000 fi ìlọ́po méjì iye tí iṣẹ́ 150,000 fi sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Ohun tí Ríìn Róòdù fi jù ú lọ ni owó ìfẹ̀yìntì, torí 27,000 ló máa ń wọ ibẹ̀ lóṣù tí a bá ro tiyín àti ti ilé-iṣẹ́ pọ̀, nígbà tí ti ilé-ìwé jẹ́ 16,200. Ìyàtọ̀ gidi ni, mi ò fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kò lè fi í jẹun lóṣù yìí.

Nítorí náà, ti èmi, iṣẹ́ bọ́sà ni kí ẹ gbà. Àmọ́ ẹ má gbà á kí ẹ tó béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé-ìwé, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ bọ́sà tó sunkún jáde níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ta ni yóò máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde? Àìsàn ilé-ìwé àdáni ni pé ẹni tó ni ín ń wọ ọ́fíìsì bọ́sà, ó ń mú 20,000 nínú owó ilé-ìwé tí àwọn òbí san, ó ní “máa kọ ọ́ síbì kan.” Títí táàmù á fi parí, ibì kan ti di 400,000, bọ́sà ni wọ́n sì ń wò. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ra ìwé ìsanwó kékeré kan, àwọn fáúṣà, kí ẹnikẹ́ni tó bá gba owó fọwọ́ sí i, ẹni tó ni ilé-ìwé pàápàá. Tí ó bá rẹ́rìn-ín tó ní “bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ,” ó dára. Tí ojú rẹ̀ bá yí padà, ẹ ti rí ìdáhùn. Èkejì, aago mélòó ni ẹ ó máa kúrò níbẹ̀, àti pé ṣé wọn kò ní kí ẹ máa kọ́ kíláàsì tí tíṣà kò bá wá? Bọ́sà tó ń kọ́ pírámárì kejì ní òwúrọ̀ kò lè ka owó ní ọ̀sán kó pé. Ẹ̀kẹta ni owó ìfẹ̀yìntì, ṣé wọ́n ń san án, sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì wo. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó jókòó padà, ẹ béèrè ẹ̀dínwó lórí owó ilé-ìwé ọmọ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé sábà máa ń rí i gbà, ẹni tí kò béèrè ni kì í rí.

Ìbẹ̀rù tó wà lábẹ́ lẹ́tà yín, tí ẹ kò sọ, ni pé ọdún mẹ́sàn-án ti mú kí iṣẹ́ náà fi yín sílẹ̀. Ó fi yín sílẹ̀ níbì kan. Ní 2017, owó inú àpótí ni ẹ̀yin ń kà ní káńtà. Lónìí, oníṣòwò kékeré ní Bódìjà ń gba owó sórí fóònù, ó ń gba ti ẹ̀rọ POS, ó ń gba owó ọwọ́, lọ́jọ́ kan náà, ìwé báńkì rẹ̀ sì gùn bí okùn kànga. Ẹni tó bá lè mú ìwé báńkì yẹn àti ìwé ọjà, kó fi ọ̀kan wo èkejì títí wọn yóò fi bára mu, òun ni wọ́n ń wá. Owó-orí orí ọjà tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti di 7.5 láti oṣù kejì ọdún 2020.

Níbòmíràn, àwọn tí wọn kò kúrò nídìí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣíwájú yín. Òfin owó-orí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún 2026, kó ọ̀pọ̀ òfin àtijọ́ dànù, ó sì yí ọ̀nà ìṣirò padà. Aṣírò owó tó ti wà nídìí iṣẹ́ fún ogún ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á báyìí ni. Bí ẹ bá fi oṣù méjì ka apá tó kan òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò kékeré, ẹ ó mọ̀ ọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe mọ̀ ọ́n. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo fún ẹni tó ń padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì náà. Ẹ wá oníṣòwò kan tí ẹ mọ̀, ẹni tó ní ìsọ̀ pùròfíṣàn ládùúgbò, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ bá a tọ́jú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ má gba owó ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ gba ìwọ̀nba ní oṣù kejì. Mo fẹ́ fi bó ṣe máa rí hàn yín.

Ẹ ó débẹ̀, yóò gbé ìwé awẹ́ ogójì jáde, èyí tí ojú rẹ̀ ti gbọ̀n. Ojú ewé kan ní iye tó tà, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, nọ́mbà fóònù oníṣúgà, àti “Bọ́lá 3,000” láìsí àlàyé. Ẹ má bá a jà. Ẹ bá a ka ọjà inú ìsọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, páálí pẹ̀lú páálí, ní iye tó rà á, kì í ṣe iye tó ń tà á. Ká ní ó jẹ́ 420,000. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ kó gbogbo rìsíìtì ọjà tó rà jọ: 1,180,000. Ní ìparí oṣù ẹ tún ka ọjà tó kù: 510,000. Ohun tó jáde nínú ìsọ̀ náà, ní iye tó rà á, jẹ́ 420,000 pẹ̀lú 1,180,000, yọ 510,000: 1,090,000. Ó ti sọ fún yín pé òun máa ń fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà. Nítorí náà, owó tó yẹ kó ti wọlé jẹ́ 1,362,500. Ẹ wá ṣe àkójọ owó ọwọ́, owó fóònù àti owó POS, ẹ rí 1,240,000. Ó dín ní 122,500.

Ibi tí iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má kígbe olè. Ẹ béèrè jẹ́jẹ́: mílíìkì mélòó lẹ gbé lọ sílé? Gbèsè mélòó lẹ kò kọ? Búrẹ́dì mélòó ló bàjẹ́? Ṣé àwọn ọjà kan wà tí ẹ kò lè fi 25 lé, bíi ṣúgà tí gbogbo àdúgbò ń ta? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdajì rẹ̀ ni a máa ń rí nínú ohun tí wọ́n gbé lọ sílé, apá kan jẹ́ gbèsè tí kò sí nínú ìwé, ìyókù jẹ́ ọjà tí èrè orí rẹ̀ kéré ju bí ó ṣe rò. Tí ẹ bá ti yọ gbogbo ìyẹn tí iye kan ṣì kù tí kò lójútùú, tó sì tún farahàn ní oṣù kejì, ọmọ ìsọ̀ ni kí ẹ máa fọgbọ́n wò.

Ẹ lò `Excel` fún un, kì í ṣe ìwé nìkan, torí ohun tí ọ́fíìsì yóò bi yín nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ sí òpó A, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí B, ọ̀nà tí owó gbà wọlé sí C, iye sí D. Láti mọ gbogbo títà tó wọlé nípa fóònù:

```
=SUMIFS(D:D,B:B,"tita",C:C,"fonu")
```

Tí iye tó gbé jáde bá bá owó tó wọlé nínú ìwé báńkì mu, ẹ ti parí apá kan. Tí kò bá mu, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ẹ tẹ “Fonu ” tí àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan. Àṣìṣe kékeré yìí ti gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ ó rí ohun méjì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn. Ẹ ó rí bóyá ara yín ṣì gbà á. Tí 122,500 yẹn kò bá jẹ́ kí ẹ sùn títí ẹ fi rí ibi tó lọ, iṣẹ́ yín ni. Tó bá ṣe yín bí ẹrù, tí ẹ ń wá ìdí láti má lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó dára kí ẹ mọ̀ báyìí ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ilé-ìwé. Èkejì, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè fi han ènìyàn.

Òun náà ló lè di ọ̀nà tó jù bọ́sà lọ lẹ́yìnwá ọ̀la. Ẹ wo oníṣòwò wa yìí. Èrè tó rí lórí ọjà jẹ́ 150,000 lóṣù náà. Ká ní owó ìsọ̀, owó ọmọ ìsọ̀ àti iná gba 75,000. Èrè rẹ̀ tó kù jẹ́ 75,000, ìyẹn 900,000 lọ́dún. Lábẹ́ òfin tuntun, 100,000 péré ló lé lórí 800,000, owó-orí rẹ̀ lọ́dún kò ju 15,000 lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí agbowó-orí bá wò ó tí kò sí ìwé tó fi hàn pé owó ọjà ló pọ̀ jù níbẹ̀, òfin fún un láyè láti fojú díwọ̀n èrè fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í ṣàánú. Ohun tí ìwé yín gba oníṣòwò náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ní irú ìsọ̀ mẹ́rin ní ọ̀sán Sátidé kan sí méjì lóṣù, pẹ̀lú iṣẹ́ bọ́sà, ẹ kò ní ronú kan Ríìn Róòdù mọ́.

Owó kan tún wà tí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé. Ọdún méje tí ẹ fi ṣiṣẹ́ báńkì, wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì yín. Àkáǹtì náà kò kú. Nọ́mbà tí wọ́n fún yín nígbà yẹn ni ẹ ó lò títí láé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òmíràn fún yín. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì náà pẹ̀lú NIN yín, kí wọ́n tún orúkọ àti àwòrán yín ṣe, torí wọn kò ní ṣe ohunkóhun lórí àkáǹtì tí ìsọfúnni rẹ̀ kò bá ti NIN mu. Ẹ fọkàn sí orúkọ yín gan-an. Bí ẹ bá fi orúkọ bàbá yín wọ báńkì, tí NIN sì wà ní orúkọ ọkọ, ibẹ̀ ni yóò ti dí. Òfin ọdún 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé 50 tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, gba iye tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àyè yìí máa pa dé tí ẹ bá ti wọ iṣẹ́ tuntun, nítorí náà ẹ lọ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé-ìwé. Tí ẹ bá gbà á, kọ̀ǹpútà alágbèékà àti owó ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó, ni kí ẹ fi ṣe. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ fi ra ààrò kéèkì.

Lórí ICAN: lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà, oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Ẹni tó ní HND ìṣirò owó láti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lè rí ìdásílẹ̀ nínú àwọn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìwé-ẹ̀rí yín béèrè kí ẹ tó san owó kankan. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọmọ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lè jókòó fún méjì ní ìgbà kan kó yege. Ẹni tó bá mú mẹ́rin sábà máa ń tún mẹ́ta ṣe.

Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, ẹ má fi ọdún mẹ́sàn-án náà pamọ́. Ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń rí àlàfo kíákíá, ó sì máa ń rò ó sí ibi tó burú ju òótọ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan pé ẹ tọ́ ọmọ láti 2017. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ àjọ náà bí iṣẹ́: iye ènìyàn, iye tó ń wọlé lọ́sẹ̀, iye ọdún, àti pé owó kò dín rí, bó bá jẹ́ òótọ́. Ẹ kọ ìsọ̀ pùròfíṣàn náà tẹ̀ lé e, ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ sí i àti ohun tí ẹ rí. Ìlà méjì yẹn ni wọn yóò bi yín léèrè jù, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu yín.

Ó ku ibi tí mo lè yí ohùn padà. Tí Ríìn Róòdù bá sọ pé àwọn máa san owó ìdánwò ICAN yín, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ẹ tún owó náà kà, ó lè sún mọ́ra. Tí ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín bá ń gbé pẹ̀lú yín tó sì lágbára láti gba àwọn ọmọ ní ọ̀sán, ẹ yọ 30,000 ti lẹ́sìn kúrò, yóò ku 70,100 níbẹ̀, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan mọ́. Tí owó tó ń wọlé fún ọkọ yín kò bá dúró sójú kan, ìfẹ̀yìntì àti owó oṣù tó ń dé lọ́jọ́ tó yẹ ní ilé-iṣẹ́ ńlá lè ṣe pàtàkì ju ohun tó kù lọ́wọ́ lọ, torí ilé-ìwé àdáni mìíràn máa ń jẹ owó oṣù kẹjọ nígbà ìsinmi. Ìbéèrè kẹrin nìyẹn, mo gbàgbé rẹ̀ níwájú: ṣé wọ́n ń san owó oṣù nígbà ìsinmi gígùn?

Tí wọn kò bá san án, 80,380 yẹn kì í ṣe ti oṣù méjìlá. Ẹ sọ ọ́ di ti oṣù mẹ́wàá, kí ẹ pín in sí méjìlá, ó jẹ́ nǹkan bíi 67,000. Ó ṣì ju 40,100 lọ. Ẹ gbé ìwé àjọ náà dání tí ẹ bá ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i fúnra wọn.